Ẹ̀rọ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Géèmù Kan Náà: Ìfiwéra Rocket League, Minecraft àti Baldur's Gate 3 fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Géèmù

Nǹkan méjì ni ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra géèmù yà sọ́tọ̀ kí ó tó sanwó. Àkọ́kọ́ ni àjọṣeré, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó wà lórí PlayStation lè wọ inú ìdíje kan náà pẹ̀lú ẹni tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Èkejì ni ìtẹ̀síwájú tó ń bá àkáǹtì rìn, èyí tó túmọ̀ sí pé ibi tí ẹ bá eré dé lórí ẹ̀rọ kan ni ẹ ó ti tẹ̀ síwájú lórí òmíràn. Ọ̀kan lè wà kí èkejì má sí. Ohun tó ń fa ìyàtọ̀ náà ni ibi tí àkọsílẹ̀ eré yín ń gbé: ṣé inú ẹ̀rọ ni, àbí lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí a ń dé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ orúkọ yín?

Rocket League, géèmù bọ́ọ̀lù tí a ń fi ọkọ̀ gbá, ní méjèèjì. Láti oṣù Kìíní ọdún 2019, nígbà tí PlayStation 4 dara pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, ni àwọn tó ń gbá a lórí ẹ̀rọ oríṣiríṣi ti ń pàdé ara wọn. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, géèmù náà di ọ̀fẹ́, ìtẹ̀síwájú àwọn òṣèré sì bọ́ sórí àkáǹtì Epic, ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù náà. Ibi tí ó gba ìṣọ́ra ni ìgbà tí ẹ bá ń so àwọn ẹ̀rọ yín pọ̀, nítorí ẹ gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan ṣe olórí. Àwọn ohun ọ̀ṣọ́ ọkọ̀ tí ẹ ní lórí gbogbo ẹ̀rọ náà ni yóò dà pọ̀, àfi àwọn tó jẹ́ ti ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ipele àti ipò ìdíje yín, ti ẹ̀rọ olórí nìkan ni yóò dúró. Ká ní ẹ wà ní ipele 120 lórí PlayStation, tí ẹ sì wà ní ipele 15 lórí kọ̀ǹpútà: bí ẹ bá yan kọ̀ǹpútà ṣe olórí, ipele 15 ni ẹ ó bá lórí ẹ̀rọ méjèèjì.

Minecraft yàtọ̀ pátápátá, òun sì ni mo rò pé ó ń ṣi àwọn òbí tó ń rà á fún ọmọ lọ́nà jù lọ. Ẹ̀dà Bedrock ń jẹ́ kí fóònù, Switch, Xbox, PlayStation àti Windows jọ ṣeré. Ẹ̀dà Java, tó wà fún kọ̀ǹpútà nìkan, kò bá wọn pàdé. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ ẹni tó dá ayé eré sílẹ̀ ni ayé náà ń gbé. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gbọ́n tó kọ́ ilé ńlá sórí Switch rẹ̀, tí àbúrò rẹ̀ sì ń wọlé láti orí fóònù láti bá a kọ́ ọ. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bá ṣí ayé náà sílẹ̀, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Bí ó bá ti jáde, ilẹ̀kùn tì mọ́ àbúrò, àti ilé àti irin iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kó jọ kò sì sí lórí fóònù rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ni Realms, ààyè tí a ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù lórí sáfà. Ẹ̀gbọ́n yóò gbé ayé náà lọ síbẹ̀ láti orí Switch, yóò pe àbúrò rẹ̀ sí i, olúkúlùkù yóò sì lè wọlé nígbà tó bá wù ú. Àbúrò kò ní san owó Realms, ẹni tó ni ín nìkan ló ń san án. Kí ó tó dáwọ́ owó dúró, kí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀dà ayé náà padà sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ ṣírò owó yìí mọ́ iye géèmù, kí ẹ sì fi ti ìforúkọsílẹ̀ tí Switch, PlayStation àti Xbox ń béèrè fún eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì kún un.

Ti Baldur's Gate 3 ni òdìkejì èyí. Láti ọdún 2023 ni àkáǹtì Larian, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, ti lè gbé àkọsílẹ̀ eré láti kọ̀ǹpútà lọ sórí PlayStation 5, ṣùgbọ́n oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni àjọṣeré tó dé. Ẹ gbọ́dọ̀ tan ìgbékiri àkọsílẹ̀ yìí fúnra yín nínú ètò géèmù, níbi tí a kọ `Cross-Save` sí, kí ẹ tó fi ẹ̀rọ àkọ́kọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti fi àfikún tí àwọn ará ìta ṣe sínú eré lórí kọ̀ǹpútà, àkọsílẹ̀ náà lè kọ̀ láti ṣí lórí ẹ̀rọ tí kò ní àfikún kan náà. Àkọsílẹ̀ nìkan ló sì ń rìn: ẹni tó fẹ́ ṣeré lórí kọ̀ǹpútà àti PlayStation yóò ra géèmù náà lẹ́ẹ̀mejì.