Lárúbáwá inú kítáàbù àti ti inú ìwé ìròyìn

Ẹni tó ti ka Kùránì àti ìwé fíkíhì ní ilé kéwú lè ṣí ìwé ìròyìn Káírò, kó rí i pé òun dá lẹ́tà gbogbo mọ̀, síbẹ̀ kí ìtumọ̀ má jọra. Gírámà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn ọ̀rọ̀ ló ti ṣípò. Nínú Súrà Yúsúfù, sayáárà ni àwọn arìnrìn-àjò tó rán apọnmi wọn lọ síbi kànga. Nínú ìwé ìròyìn, mọ́tò ni. Kitáárì, ọ̀wọ́ ràkúnmí tó tò tẹ̀lé ara wọn láyé àtijọ́, ti di rélùweè.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìwọ̀nba ìhun gbólóhùn tó yí padà ló ń tan ni jẹ jù. Ẹ wo tama. Súrà Al-An'áámù sọ pé "tamat kalimatu Rabbika": ọ̀rọ̀ Olúwa rẹ ti pé. Bí akọ̀ròyìn bá wá kọ "tama taokíì itifáákì", akẹ́kọ̀ọ́ á túmọ̀ rẹ̀ sí pé ìfọwọ́sí àdéhùn ti pé pérépéré. Ohun tó ń sọ kò ju "wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn" lọ. Kítáàbù àtijọ́ á kàn yí fáwẹ̀lì "wakaa", ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí "ó fọwọ́ sí i", padà sí "wukia", "wọ́n fọwọ́ sí i". Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn kì í sábà fi àmì fáwẹ̀lì sórí lẹ́tà, ojú lásán kò sì lè tètè mọ̀ bóyá ẹnì kan ló fọwọ́ sí i tàbí wọ́n fọwọ́ sí i. Tama yanjú ìyẹn. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ tó jáde lára ọ̀rọ̀-ìṣe, bíi taokíì, bá tẹ̀lé e, ẹ kọ́kọ́ dán "wọ́n ti" wò.