Síẹ̀nà kan àbí Kòrólà méjì: ohun tí ilẹ̀kùn kan fojú wa rí

Ọjọ́ Ajé tí àwọn ọmọ wọlé fún sáà tuntun, aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni ilẹ̀kùn apá ọ̀tún Síẹ̀nà wa ṣí tí kò padé mọ́. Ọmọ mẹ́rin wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú báàgì wọn, Màmá tó bí ọkọ mi jókòó ní àárín, ọkọ mi wà níwájú, èmi ni mo wà nídìí sítíárín. Ilẹ̀kùn náà rìn dé ìdajì, ó ké kíkan, ó dúró. A tì í, kò lọ. A fà á, kò bọ̀. Nígbà tí mo tan iná fóònù sí ojú irin tó máa ń gbà yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo rí wáyà irin tín-ín-rín kan tó ti tú yẹ́ríyẹ́rí bí ìgbálẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Ènìyàn méje há sójú kan nítorí wáyà kan! Bó bá jẹ́ ìgbà tí a ní Kòrólà méjì ni, kí a tó ra Síẹ̀nà, èkejì ìbá ti gbé àwọn ọmọ lọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo bèèrè. Ọjọ́ tí a lọ wo Síẹ̀nà náà, mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á bóyá ilẹ̀kùn méjèèjì ń fi iná ṣiṣẹ́. Ó ní, “Ẹ̀yin Mọ̀mí, a pa á ni, kí àwọn ọmọdé má baà máa fi ṣeré.” Ó fi bọ́tìnnì tó pa á hàn mí lókè orí ibi tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí, ó fọwọ́ fa ilẹ̀kùn náà, ó yọ̀ geere. Mo gbà á gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a tan bọ́tìnnì yẹn ni wáyà já. Mo pè é láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní òun wà lójú ọ̀nà. Mo pè é lọ́sàn-án, ó ní, “Mọ̀mí, tòkunbọ̀ ni, kì í ṣe tuntun.” Ìgbà kẹta, kò gbé e.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ tan bọ́tìnnì yẹn fúnra yín, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ jẹ́ kí iná ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan kó sì pa á dé lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá ń dún tàbí tó ń dúró lójú ọ̀nà, wáyà ti ń tú nìyẹn.

Ríwáyà tó bá wa tún un ṣe yà mí lẹ́nu. Mo ti fẹ́ ránṣẹ́ sí ọjà Géètì n'Ìbàdàn láti ra odidi mọ́tò ilẹ̀kùn náà, ó ní kí n má ṣe é: “Tòkunbọ̀ náà lẹ ó rà, yóò tún já.” Ó tú ike inú ọkọ̀ lápá ẹ̀yìn, ó gé wáyà náà kúrò pátápátá, ilẹ̀kùn di èyí tí à ń fọwọ́ fà. Owó ọwọ́ iṣẹ́ nìkan ló gbà.

Bí mo ṣe ń dúró dè é ni mo mú ìwé tí mo ń kọ epo sí. Láti Àkóbọ̀, Síẹ̀nà gbé gbogbo wa yípo kìlómítà 38 lójúmọ́, ó jẹ epo bíi lítà 6. Nígbà Kòrólà, èmi ń rin 34, ọkọ mi 30, méjèèjì pa pọ̀ sì ń jẹ lítà 6 bákan náà. Ìyàlẹ́nu gbáà ló jẹ́ fún mi. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń gbà ni o. Ilé tí bàbá ń lọ sí ìlà oòrùn, tí ìyá ń lọ sí ìwọ̀ rẹ̀, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ìbánigbófò tó kéré jù jẹ́ 15,000 náírà fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láti 2023, Kòrólà méjì á sì gba ìlọ́po méjì, pẹ̀lú táyà mẹ́jọ dípò mẹ́rin. Níbi ẹ́ńjìnnì, Síẹ̀nà ló ń jẹ owó: púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ló ní, mẹ́ta nínú rẹ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn, mẹkáníìkì ní láti tú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì kó tó kàn wọ́n. Tiwa, tó jẹ́ 2008, ń mu ọ́ìlì tó lé ní lítà 6, gálọ́ọ̀nù kan kò tó o.

Síbẹ̀, mo rántí ìrìn àjò wa sí Ìlá tó kẹ́yìn pẹ̀lú Kòrólà méjì. Táyà tiwa bẹ́ ní Gbọ̀ngán, ọkọ mi àti Màmá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Òṣogbo, oògùn Màmá sì wà nínú báàgì lọ́dọ̀ mi. Orúnkún ń dun Màmá. Láti wọ Kòrólà, ẹnìkan ní láti tẹ orí wọn ba kí ẹlòmíràn gbé ẹsẹ̀ wọn wọlé. Ilẹ̀ Síẹ̀nà kò ga, òrùlé rẹ̀ kò rẹlẹ̀. Wọ́n di irin mú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n jókòó. Láti ìgbà tí a ti rà á, wọn kò tíì pe ẹnikẹ́ni láti ràn wọ́n lọ́wọ́.

Síẹ̀nà: 9 nínú 10. Ẹni tó tà á fún wa: 2, nítorí pé ìwé ọkọ̀ pé. Ọmọ wa tó kéré jù kò tíì lè dá ilẹ̀kùn náà fà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bá a fà á.