Oṣù mẹ́jọ lórí áàpù alágbàtà mi: iye owó tí mo rí kì í ṣe iye tí mo san

Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń fi áàpù alágbàtà kan ní Èkó ra ìpín ìdókòwò ní Ọjà Ìpín Ìdókòwò Nàìjíríà, tí àwọn tó ń náà án ń pè ní NGX. N kò ní dárúkọ alágbàtà náà. Àṣẹ mi máa ń dé ọjà kíákíá, owó mi kò sì sọnù rí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí áàpù náà ń gbà fi iye owó hàn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n fi ẹ̀sùn èké kan àwọn òṣìṣẹ́ wọn.

Nígbà àkọ́kọ́, mo fẹ́ ra 2,000 ìpín ilé-ìfowópamọ́ kan. ₦24.50 ni áàpù fi hàn gàdàgbà lókè, mo sì ṣírò rẹ̀ sí ₦49,000, láìka owó iṣẹ́ alágbàtà àti àwọn owó mìíràn tí wọ́n máa ń yọ. Mo tẹ "Market", mo fi àṣẹ ránṣẹ́. Nígbà tí èsì dé, ₦49,470 ni wọ́n kọ. Mo pe ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú ìbínú, ọmọbìnrin tó gbé ìpè sì dá mi lóhùn pé, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ 'Market Depth' sí, kí a jọ wò ó."

Ibẹ̀ ni ọjà gan-an wà. Ní ọwọ́ òsì ni àwọn olùrà tò sí, ẹni tó fẹ́ san jù lọ ló wà lókè; ní ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn olùtà, ẹni tí tirẹ̀ pọ́ọ́kú jù lọ ló ṣáájú. Ó fi yé mi pé nígbà tí àṣẹ mi wọlé, 500 ìpín péré ló wà ní ₦24.50, 700 wà ní ₦24.60, 3,000 sì wà ní ₦25.00. Níwọ̀n bí "Market" ti túmọ̀ sí pé kí wọ́n rà á fún mi ní iyekíye tó bá wà, ẹ̀rọ ọjà kó 500 àkọ́kọ́ ní ₦12,250, ó kó 700 ní ₦17,220, ó sì mú 800 tó kù nínú ti ẹni ìkẹta ní ₦20,000. Kò sí ẹni tó rẹ́ mi jẹ. ₦24.50 tí mo rí jẹ́ iye tí ẹlòmíràn ti rà á kọjá. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti ṣèlérí pé òun yóò ta 2,000 fún mi ní iye náà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ₦25.00 ni áàpù kọ lẹ́yìn tí mo rà á tán. Èmi ni mo sún un sókè, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìfowópamọ́ náà kò ṣe ohunkóhun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Síbẹ̀, iye tí ọjà fi pa dé ní ìrọ̀lẹ́ kò yí padà, nítorí pé ọjà ti la iye ìpín kan sílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ padà kí iye ìparí ọjọ́ tó lè sún, ìpín mi kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, "Limit" ni mò ń tẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé wọn kò gbọ́dọ̀ rà á fún mi ju iye tí mo bá fi ṣe òpin lọ. Ká ní mo ti fi ₦24.60 ṣe òpin ni, 1,200 ni ǹ bá rí rà lójú ẹsẹ̀, 800 tó kù yóò sì bọ́ sí ọwọ́ òsì láti máa dúró de olùtà. Iye owó ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ló ń wo ẹni tó kọ́kọ́ dé: ẹni tó bá pè é ní ₦24.60 lẹ́yìn mi yóò tò sẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é ní ₦24.65 yóò kọjá mi, ìbáà jẹ́ pé ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ló dé.

Ọjọ́ tí ìròyìn èrè ilé-iṣẹ́ kan jáde ni mo tó rí bí iye owó ṣe ń fò. Kì í ṣe àwọn olùrà nìkan ló gbé e sókè. Àwọn olùtà fúnra wọn fa àṣẹ wọn yọ láti fi owó lé e, títí ọwọ́ ọ̀tún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, tí ìwọ̀nba àṣẹ kékeré sì ń ti iye owó síwájú. Nítorí pé ọjà kò gbà kí ìpín kan fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè tàbí wálẹ̀ lóòjọ́, èyí tó parí sí ₦24.00 lánàá kò lè kọjá ₦26.40. Nígbà tó kan òpin yìí, olùrà tò rẹrẹẹrẹ, olùtà kò sí, àṣẹ mi sì dúró láti òwúrọ̀ títí ọjà fi pa dé láìrí ẹyọ kan rà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ṣe áàpù náà ni pé kí wọ́n gbé "Market Depth" jáde láti abẹ́ bọ́tìnì kékeré tí wọ́n fi pa mọ́, kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iye owó, kí "Market" má sì jẹ́ ohun tí wọ́n ti yàn sílẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo ti kọ èyí sí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣì ń lò ó, ṣùgbọ́n n kì í fi àṣẹ kankan ránṣẹ́ mọ́ láìkọ́kọ́ ka iye ìpín tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún.