Hóró àìbuprófẹ̀n àbí dáíkílófẹ́nákì ìpara fún orúnkún Ìyá?

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá ẹni ọdún 68 tí orúnkún ń dùn, tó sì ń lo lisinópírílì pẹ̀lú oògùn tó ń múni tọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Hóró àìbuprófẹ̀n yára. Láàárín wákàtí kan, ara lè tù ú. Àmọ́ gbogbo ara ló ń gbà kọjá. Ó lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, kódà béèyàn jẹun kó tó lò ó. Ti kíndìnrín ló bà mí lẹ́rù jù: bó bá pàdé oògùn méjèèjì yẹn, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé kíndìnrín á dín kù gan-an. Tí ẹsẹ̀ bá wú, tí ìtọ̀ dín kù, tàbí tí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, kó dá a dúró, kó lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìpara ò yára bẹ́ẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Òun ni màá yàn fún ìyá yìí, lẹ́yìn tí apoògùn bá ti yẹ àwọn oògùn rẹ̀ wò. Kó má ṣe fi hóró kún un.