Iyọ̀ ni àbí fómálìn àti ítà? Ẹ kà á kí ẹ tó rajà fún yàrá àyẹ̀wò ìgbẹ́

Àbúrò kan tó fẹ́ ṣí yàrá àyẹ̀wò sí Lafẹ́nwá wá bá mi nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti kó owó jọ, ó sì ti kọ gbogbo ohun tó fẹ́ rà sínú ìwé kékeré kan. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ dákun, ṣé kí n ra iyọ̀ ni àbí kí n ra sẹntirifúújì?" Ẹ̀rín pa mí, nítorí kọ́ńgò iyọ̀ kan ní Kútọ̀ àti sẹntirifúújì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ mú ọgbọ́n dání, mo sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń rò ó ní Abẹ́òkúta.

Sẹntirifúújì ni ẹ̀rọ tó ń yí túùbù kíákíá kí ohun tó wúwo lè rì, òun ni ọ̀nà fómálìn àti ítà nílò. Iṣẹ́ kan náà ni ọ̀nà yẹn àti ọ̀nà iyọ̀ ń ṣe: wíwá ẹyin aràn nínú ìgbẹ́. Bí a bá kàn fi omi po ìgbẹ́ lórí síláìdì, nǹkan bíi mìlígíráàmù 2 péré là ń wò. Ẹni tí ẹyin aràn rẹ̀ kò pọ̀ á bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń mú odindi gíráàmù kan, tí a sì ń kó ẹyin inú rẹ̀ jọ sójú kan. Iyọ̀ ń gbé ẹyin lọ sókè, fómálìn àti ítà ń jẹ́ kó rì sísàlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti yà síra nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni owó tí ẹ máa ná ti yà síra.

Ìdí iyọ̀

Ẹ gbé omi lítà kan kaná, ẹ da iyọ̀ gíráàmù 400 sí i, ẹ máa rò ó. Kò ní yọ́ tán. Omi lítà kan kì í gbà ju nǹkan bíi gíráàmù 360 lọ, èyí tó bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ló ń jẹ́rìí pé omi iyọ̀ yín ti kún. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ sẹ́ ẹ. Omi iyọ̀ tó bá kún dáadáa fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wúwo ju omi lásán lọ, ìyẹn ni pé haidirómítà, irinṣẹ́ tó ń wọn bí omi ṣe wúwo tó, á ka 1.20.

Ẹ ra haidirómítà yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti rí àwọn tó ń sọ ẹyin adìyẹ sínú omi iyọ̀, tí wọ́n á ní tó bá ti léfòó, ó ti tó. Irọ́ ni. Ẹyin adìyẹ tútù máa ń léfòó kí omi tó dé 1.10. Ẹyin húkùwọ́mù, aràn abìkọ́ tó ń mu ẹ̀jẹ̀, fúyẹ́, kò ju nǹkan bíi 1.06 lọ, nítorí náà ó máa gòkè nínú omi iyọ̀ yẹn náà. Ṣùgbọ́n ẹyin Askárísì, aràn gbọọrọ inú ìfun, wà ní nǹkan bíi 1.11, ti Tirikúrísì, aràn onípàṣán, sì sún mọ́ 1.15. Bí ẹ bá gbẹ́kẹ̀ lé ẹyin adìyẹ, húkùwọ́mù nìkan lẹ ó máa rí, ẹ ó sì rò pé òun nìkan ló wà nílùú.

Iṣẹ́ tó kù kò le. Ìgò pẹnisilíìnì tó ṣófo ti tó. Ẹ po ìgbẹ́ gíráàmù kan mọ́ omi iyọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ wá máa kún un títí omi á fi wú díẹ̀ kọjá ẹnu ìgò. Ẹ gbé kọfásílíìpù, gíláàsì pẹlẹbẹ kékeré tí a fi ń bo síláìdì, lé e láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ gbé e sókè tààrà, ẹ má ṣe dà á nù sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ìkán omi tó rọ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yín wà. Ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá lọ jẹun kí ẹ tó padà, iyọ̀ á ti dì bí yìnyín lórí síláìdì, ẹyin húkùwọ́mù tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ á sì ti rún.

Kò sí iná ẹ́lẹ́ńtíríkì nínú gbogbo èyí, àfi ti máíkírósíkóòpù, tí dígí àti oòrùn náà lè ṣe. Ohun tí ẹ bá rí á mọ́, nítorí ìdọ̀tí ti kù sísàlẹ̀. Ní tèmi, fún húkùwọ́mù, kò sí ohun tí mo fẹ́ jù ú lọ.

Ìdí fómálìn àti ítà

Ọ̀nà yìí ti wà láti ọdún 1948, nígbà tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ritchie gbé e jáde, àwọn mìíràn sì ti tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀n kan fómálìn ọjà sínú ìwọ̀n mẹ́sàn-án omi. Ẹ po ìgbẹ́ gíráàmù 1 mọ́ mìlílítà 7 nínú rẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ pẹ̀lú gọ́ọ̀sì sínú túùbù onímú ṣóńṣó, ẹ fi ítà mìlílítà 3 lé e. Ẹ dé e, ẹ mì í gidigidi fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ máa rọra ṣí ìdérí díẹ̀díẹ̀ torí ítà máa ń wú. Ẹ wá gbé e sínú sẹntirifúújì, kí túùbù tó dojú kọ ọ́ wúwo bákan náà, kó sì yí ní nǹkan bí ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 2 sí 3.

Tí ẹ bá mú un jáde, ẹ ó rí ìpele mẹ́rin: ítà lókè, ìdọ̀tí àti ọ̀rá tó dì bí ìdérí lábẹ́ rẹ̀, fómálìn, àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn là ń wá. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí ìdérí ìdọ̀tí náà ká kó lè bọ́, kí ẹ da gbogbo ohun tó wà lókè nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì wo ìyókù.

Ohun tí iyọ̀ kò lè ṣe ni pé fómálìn ń pa ìgbẹ́ mọ́. Nínú ooru wa yìí, ẹyin húkùwọ́mù lè pa láàárín ọjọ́ kan, ẹ ó wá máa wo ọmọ aràn dípò ẹyin. Ìgbẹ́ tó bá ti wọ fómálìn lọ́jọ́ Ẹtì ṣì ṣeé yẹ̀ wò lọ́jọ́ Ajé.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ gan-an

| Ohun tí à ń wá | Iyọ̀ | Fómálìn àti ítà |
|---|---|---|
| Ẹyin húkùwọ́mù | ó dára gan-an | a ń rí i, ṣùgbọ́n díẹ̀ ń sọnù sínú ìdọ̀tí òkè |
| Ẹyin Askárísì tó lè di ọmọ | ó dára | ó dára |
| Ẹyin Askárísì tí kò lè di ọmọ | ó wúwo, kì í sábà gòkè | ó dára |
| Ẹyin Sísítósómà mánsónì | ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e | ó dára |

Ìlà ìkẹyìn yẹn ló kan Abẹ́òkúta. Gbogbo wa la mọ̀ nípa ìdídò Ọ̀yán tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983, àti bí àtọ̀sí ajá ṣe ń ṣe àwọn ọmọ etí omi níbẹ̀. Èyí tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ là ń yẹ̀ wò fún un. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń gbé nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí ìfun ká, òun ni Sísítósómà mánsónì, inú ìgbẹ́ sì ni ẹyin rẹ̀ ń gbà jáde.

Ọmọkùnrin kan láti apá Ìbàrò, tó máa ń bá bàbá rẹ̀ pẹja, ni ìyá rẹ̀ mú wá sọ́dọ̀ mi. Inú ń run ún, ó sì máa ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Mo pín ìgbẹ́ rẹ̀ sí méjì. Lábẹ́ kọfásílíìpù omi iyọ̀, mo ka ẹyin húkùwọ́mù mẹ́sàn-án, kò sí nǹkan mìíràn. Ká ní mo dúró níbẹ̀, ábẹ́ńdásólì ni wọn ìbá fún un, á sì jọ pé a ti parí iṣẹ́. Nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fómálìn, húkùwọ́mù mẹ́rin péré ni mo rí, ṣùgbọ́n lórí síláìdì kejì, ẹyin ńlá méjì jókòó síbẹ̀, tí gígùn wọn ju ìlọ́po méjì ti húkùwọ́mù lọ, ẹ̀gún kan sì yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ìka àtàǹpàkò. Ábẹ́ńdásólì kì í wo ìyẹn. Pirasikuántẹ̀lì ni oògùn rẹ̀.

Ẹ tún wo iye húkùwọ́mù: mẹ́sàn-án nínú iyọ̀, mẹ́rin nínú ítà. Ọ̀kan kò lè gba ipò èkejì pátápátá.

Tí ẹ bá fẹ́ rà

Ti iyọ̀ kò gba àròjinlẹ̀. Haidirómítà, kọfásílíìpù àti ìgò, ó parí.

Ti ítà ni ẹ ó ti la ojú yín. Iná ń mú ítà kíákíá, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lára rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ó sì ń wọ́ lórí ilẹ̀ lọ bá jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì tí ẹ ń lò nílé. Ẹ̀ta iná kékeré láti ibi tó ń tan iná inú rẹ̀ ti tó láti mú un gbiná. Bó bá pẹ́ lẹ́yìn tí a ti ṣí i, ó tún lè di ohun tó ń bú gbàmù, nítorí náà ìgò kékeré aláwọ̀ dúdú ni kí ẹ rà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára rẹ̀. Ẹ́táìlì ásítéètì ni èmi ń lò dípò rẹ̀ báyìí. Òun náà ń gbiná, ṣùgbọ́n kò yá tó ítà.

Àmọ́ òun náà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n nípa túùbù. Mo ra páálí túùbù oníke kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ẹni tó tà á fún mi sì búra pé gbogbo nǹkan ló ń gbà. Mo da ẹ́táìlì ásítéètì sí i, kò pẹ́ tó fi dà bí ojú tí ìrán bò, ó rọ̀, ó sì là sínú sẹntirifúújì. Ìgbẹ́ aláìsàn mẹ́rin ṣòfò lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo fọ ẹ̀rọ. Ike tó mọ́ gaara yẹn ni kẹ́míkà ń jẹ. Èyí tí ẹ ń wá ni ike tó funfun bí omi ògì tó ti sanra díẹ̀, tàbí gíláàsì gidi.

Ní ti sẹntirifúújì fúnra rẹ̀, ẹ ra èyí tí àwọn túùbù rẹ̀ máa ń na ara wọn sílẹ̀ gbalaja nígbà tó bá ń yí. Èyí tí ihò rẹ̀ dagun sójú kan ń lẹ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ túùbù, tí ẹ bá dà á, ẹyin á bá omi lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti lò rí kò burú, ṣùgbọ́n ẹ fi omi sínú túùbù mẹ́rin, ẹ tàn án níwájú ẹni tó ń tà á. Tó bá ń gbọ̀n tó ń rìn lórí tábìlì, ẹ fi sílẹ̀.

Mo sọ fún àbúrò mi pé tó bá jẹ́ Ìbarà ló wà, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń wá ìwé ẹ̀rí ìlera, iyọ̀ á tó o fún ìgbà díẹ̀, bó bá ṣáà ti ń kọ ọ́ sí abẹ́ èsì pé iyọ̀ lòun fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n Lafẹ́nwá ni ọkọ̀ Ayétòrò àti Ìmálà ń já èrò sí. Kó ra méjèèjì, kó sì máa bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wọlé pé, "Ṣé ẹ máa ń wẹ̀ lódò?"

Ó pè mí lálẹ́ àná láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta irinṣẹ́. Ó ní túùbù tí wọ́n gbé síwájú òun rẹwà, ó ń dán, èèyàn lè fi ka ìwé láti òdìkejì rẹ̀. Mo ní kó dá a padà.