Slide Master inú PowerPoint: ibi tó ti dára, àti ibi tó ti ń dani láàmú

Mo máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ to síláìdì ìpàdé wọn ní Tanke, n'Ílọrin. Ẹni tó bá ń lẹ lógò mọ́ síláìdì lọ́kọ̀ọ̀kan, kò lè bára dọ́gba: ọ̀kan á ga, òmíràn á tóbi jù. Slide Master, ìyẹn síláìdì ìpìlẹ̀ tí àwọn yòókù ń tẹ̀ lé, ló gbà mí lọ́wọ́ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ọ̀fà ṣàlàyé. Akọ̀wé, akápò àti ẹni tó yẹ ìwé owó wò, kálukú ló ṣe tirẹ̀ wá, a sì fẹ́ kó di ọ̀kan ṣoṣo. Mo lọ sí View, mo tẹ Slide Master. Àwòrán ńlá tó wà lókè pátápátá lápá òsì ni ọ̀gá. Àwọn kéékèèké abẹ́ rẹ̀ ni oríṣi ìtòsílẹ̀. Orí èyí tó tóbi ni kí ẹ gbé lógò sí. Bí ẹ bá gbé e sórí ọ̀kan nínú àwọn kékeré, àwọn síláìdì tó ń lo ìtòsílẹ̀ yẹn nìkan ló máa gbé e. Mo tún dín fífẹ̀ àpótí àkọlé kù níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà gun lógò.

Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ni n kò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ lè kọ orúkọ ẹgbẹ́ sínú àpótí Footer lórí ọ̀gá, kí ẹ jáde, kí ẹ má sì rí i lórí síláìdì kankan tẹ́ ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ibi tí àpótí máa wà àti bí lẹ́tà ṣe máa rí ni ọ̀gá ń pinnu. Insert, Header & Footer ni wọ́n ti ń tan ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀: ẹ máàkì Footer, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ máàkì Slide number, kí ẹ tẹ Apply to All. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó hàn lójú ìwé àkọ́kọ́, Don't show on title slide wà níbẹ̀.

Síláìdì akápò ló tún ku iṣẹ́ lórí. Wọ́n ti fi Keep Source Formatting lẹ̀ ẹ́ wọlé, nítorí náà ó gbé ọ̀gá tirẹ̀ dání, lógò wa kò sì hàn lórí rẹ̀. Ohun tí ẹ fi máa mọ̀ ni pé àwòrán ńlá méjì á wà nínú Slide Master. Bí ẹ bá fi atọ́ka sórí ọ̀kan, á sọ àwọn síláìdì tó ń lò ó. Mo padà síta, mo yan àwọn síláìdì yẹn, mo lọ sí Home, Layout, mo mú ìtòsílẹ̀ tiwa fún wọn, kí n tó pa ọ̀gá kejì rẹ́.

Ohun kan wà tí Slide Master kò lè ṣe. Ẹ̀yìn gbogbo nǹkan ni ohun tó wà lórí ọ̀gá máa ń wà. Ìwé owó tí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò yà ní fọ́tò bo síláìdì látòkè délẹ̀, ó sì bo lógò náà. Kò sí bọ́tìnì tó lè fa lógò ọ̀gá wá síwájú. Fọ́tò yẹn ni mo gé kúrú.