Àgbéyẹ̀wò láíbírì PID oní-Q15: hítà tó dúró sí 57 nígbà tí a ní kó dé 60

Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń lo láíbírì PID ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n kọ fún àwọn ṣíìpù kéékèèké. Ìwé ìlò rẹ̀ ò sọ ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ lò ó kọ́kọ́ mọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Cortex-M0+ ni ṣíìpù mi, kò sì ní ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò fúlótì. Hítà ni mo fi ń darí, ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 10.

Q15 ni gbogbo nọ́ńbà inú láíbírì náà: odindi nọ́ńbà oníbíìtì 16, tí a gbà pé 32768 dúró fún 1. Mo fi 100 dígírì ṣe 1, nítorí náà dígírì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyọ 328. Ó yára, ààyè tó gbà ò tó nǹkan, bí èsì bá sì fẹ́ kọjá ààlà, ẹnu ààlà ló ń dúró sí, kì í ṣẹ́rí di òdì. Níbi tó ti dára nìyẹn, kò sì kéré.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: mo ní kó gbé ìgbóná dé 60. Ó dé 60, ó kọjá díẹ̀, ó wá ń rọra wálẹ̀ títí ó fi dúró sí nǹkan bí 57, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Apá I nínú PID ló yẹ kó máa kó ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbóná tí a fẹ́ àti èyí tó wà nílẹ̀ jọ títí tí ìyàtọ̀ yóò fi tán. Nígbà tí mo tẹ iye rẹ̀ jáde sójú kọ̀ǹpútà, ṣe ló dúró gbọin, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ dígírì mẹ́ta wà níbẹ̀.

Ìlà tó fa ọ̀ràn náà nìyí, `e` ni ìyàtọ̀, `integ` sì ni àkójọ rẹ̀:

```c
integ += (int16_t)(((int32_t)ki * e) >> 15);
```

Ki, nọ́ńbà tí apá I fi ń sọ ìyàtọ̀ di púpọ̀, jẹ́ 0.05 ní sẹ́kọ́ńdì kan lọ́dọ̀ mi. Bí a bá fi mílísẹ́kọ́ńdì 10 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 0.0005, èyí tó jẹ́ 16 ní Q15. Dígírì mẹ́ta jẹ́ ẹyọ 983. Ẹ fi 16 sọ 983 di púpọ̀, 15728 ni. Kò tó 32768, nítorí náà òdo ni `>> 15` dá padà. Ìyàtọ̀ gbọ́dọ̀ tó ẹyọ 2048, ìyẹn 6.25 dígírì, kí ẹyọ kan ṣoṣo tó wọlé. Sẹ́ńsọ̀ oníbíìtì 12 tí mo lò sì ń rí ìyàtọ̀ tí kò ju 0.024 dígírì lọ. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí, ìṣirò ló gé e dànù.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé abẹ́ 60 ló máa ń dúró sí, tí kì í ṣe òkè? GCC máa ń sún nọ́ńbà òdì sísàlẹ̀ ni bí a bá lo `>>`, kì í sún un sápá òdo. Bí ìgbóná bá fi bíńtín kọjá 60, -1 ló ń wọlé, ní ìgbà 100 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ṣí, ọ̀nà òkè tì pa. Àwọn kan máa ń fi 16384 kún un kí wọ́n tó gé e. Ìyẹn ń mú kí apá méjèèjì dọ́gba lóòótọ́, àmọ́ 3.125 dígírì ṣì wà lókè àti nísàlẹ̀ tí kò ní ka ohunkóhun.

Ẹ má sì rò pé kí ẹ máa ṣe ìṣirò náà léraléra sí i ló máa yanjú ẹ̀. Ní mílísẹ́kọ́ńdì kan, Ki di 1.6 ní Q15. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 2, ó ti fi ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ jù, ìyàtọ̀ sì gbọ́dọ̀ tó 50 dígírì kó tó ka nǹkan kan.

Ohun tó yanjú ẹ̀ ni pé kí á má ṣe gé nǹkan kan kó tó wọ inú àkójọ. Mo sọ àkójọ di oníbíìtì 32, ìgbà tí a bá fẹ́ lò ó nìkan la ń gé e:

```c
acc += (int32_t)ki * e;
if (acc > ((int32_t)32767 << 15)) acc = (int32_t)32767 << 15;
if (acc < 0) acc = 0;
u_i = (int16_t)(acc >> 15);
```

Hítà ò lè tutù ju kí a pa á lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fi òdo ṣe ààlà ìsàlẹ̀. Ní báyìí, ìyàtọ̀ tó kéré jù tí sẹ́ńsọ̀ lè rí, ẹyọ 8, ń fi 128 kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá di sẹ́kọ́ńdì 2.56, ó ti di ẹyọ kan lójú èsì. Ìgbóná dé 60, ó sì dúró síbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dán èyí tí ẹ̀ ń lò wò, ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ sílẹ̀, kí ẹ fún un ní `e = 5` fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà `e = -5`. Bí àkójọ ò bá kúrò lójú kan nínú àkọ́kọ́, tó sì ń já wálẹ̀ nínú èkejì, àrùn kan náà ni.

Èmi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá fún láíbírì yìí. Níbi tí Ki fúnra rẹ̀ ti tóbi, bíi dídarí iná inú mọ́tò, tó lè jẹ́ 655 ní Q15, ìyàtọ̀ tí kò ní kà á ò ju nǹkan bí ẹyọ 50 lọ, bí ó ṣe wà náà sì tó. Fún hítà àti ohunkóhun tó ń falẹ̀, ẹ yí ìlà yẹn padà kí ẹ tó so ó mọ́ iná. Kódà bí ṣíìpù yín bá ní ààyè, fúlótì tí kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀ ń ṣe á parí iṣẹ́ náà kí mílísẹ́kọ́ńdì 10 tó pé.